I2C: rẹ̀sísítọ̀ afàsókè, àdírẹ́sì tó kọlu ara wọn, àti okùn tó há (ìbéèrè àti ìdáhùn)

I2C ni ọ̀nà tí kọ́ńtírólà fi ń bá sẹ́ńsọ̀ sọ̀rọ̀ lórí okùn méjì, SDA tó ń gbé ọ̀rọ̀ àti SCL tó ń gbé kílọ́ọ̀kì. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí n bá tú u wò, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń padà sí: kò sí ẹ̀rọ kankan lórí okùn méjèèjì yẹn tó lè gbé okùn sókè, kí wọ́n fà á wálẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló ń fa wàhálà rẹ̀sísítọ̀, òun ló ń fa ti àdírẹ́sì, òun náà ló ń jẹ́ kí okùn há. Àpẹẹrẹ tí màá máa lò ni bọ́ọ̀dù kan tí mo tò fúnra mi: kọ́ńtírólà oní fóltì 3.3, aago DS3231, MPU6050 tó ń wo bí nǹkan ṣe ń mì, àti BME280 méjì tó ń ka ooru, gbogbo wọn wà lórí wáyà tó gùn tó mítà kan àtààbọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹlẹ̀ sí mi lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo yẹn.

Kí ló dé tí okùn yìí ò lè ṣiṣẹ́ láìsí rẹ̀sísítọ̀? Ṣé kọ́ńtírólà ò lè gbé e sókè fúnra ẹ̀ ni?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá wo inú pínnì SDA tàbí SCL, ohun tó wà níbẹ̀ dà bíi suwíìṣì kan tó ń so okùn mọ́ GND, ìyẹn fóltì òdo. Tó bá ti suwíìṣì yẹn pa, okùn lọ sílẹ̀, òdo nìyẹn. Tó bá ṣí i, kò fi nǹkan kan ti okùn sókè, ó kàn jọ̀wọ́ ẹ̀ ni, rẹ̀sísítọ̀ tó lọ sórí 3.3 ló wá ń fà á padà sókè, kó lè di 1. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí ni pé ẹ̀rọ púpọ̀ ló wà lórí okùn kan náà, tí ọ̀kan bá ń ti okùn sókè pẹ̀lú agbára tí òmíràn ń fà á wálẹ̀, iná á gba àárín àwọn méjèèjì kọjá tààrà, wọ́n á sì ba ara wọn jẹ́. Báyìí, ẹni tó bá ń fà wálẹ̀ ló máa ń borí, ìjà ò sí.

Iye wo ni kí n wá lò? Gbogbo èèyàn ń sọ pé 4.7k, ṣé òun náà ni?

4.7k kì í ṣe òfin, iye kan tó máa ń bọ́ sí i fún okùn kúkúrú tí ò yára ni. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wá ni ààlà méjì, kẹ́ ẹ wá mú iye tó wà láàárín wọn.

Ààlà ìsàlẹ̀ jẹ́ ti agbára sẹ́ńsọ̀. Tí rẹ̀sísítọ̀ bá kéré jù, iná tó ń gbà á kọjá á pọ̀ débi pé sẹ́ńsọ̀ ò ní lè fa okùn dé ìsàlẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ ni kó lè gbé mílíáńpíà 3 kí okùn má sì kọjá fóltì 0.4, torí náà:

```
Rmin = (3.3 - 0.4) / 0.003 = 967 Ω
```

Ààlà òkè jẹ́ ti àkókò. Wáyà àti pínnì kọ̀ọ̀kan máa ń gba iná díẹ̀ pamọ́, bíi garawa kékeré, rẹ̀sísítọ̀ ló sì ń pọn omi kún un nígbà tí okùn bá ń lọ sókè. Rẹ̀sísítọ̀ tó bá tóbi, díẹ̀díẹ̀ ni omi ẹ̀ ń wọlé. Ní kílòháàtì 100, wọ́n fún okùn ní nánòsẹ́kọ́ńdù 1000 láti gòkè, ní kílòháàtì 400, 300 péré ni.

Ti tèmi wá rèé. Mo ka wáyà sí nǹkan bíi píkòfáràdì 100 fún mítà kan, ìyẹn 150 fún mítà kan àtààbọ̀, mo ka pínnì ẹ̀rọ márùn-ún sí 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ wò ó:

```
Rmax = tr / (0.8473 × C)
100 kHz: 1000 ns / (0.8473 × 200 pF) = 5.9 kΩ
400 kHz:  300 ns / (0.8473 × 200 pF) = 1.77 kΩ
```

Ṣẹ́ ẹ rí i? 4.7k dáa fún kílòháàtì 100, àmọ́ ní 400 kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Láàárín 967 àti 1770 ló yẹ kí n wà, mo mú 1.5k. Kẹ́ ẹ má mú iye tó lẹ̀ mọ́ ààlà kankan, torí iye tí mo kà fún wáyà yẹn ìfojúbù ni, wáyà yín lè má rí bíi tèmi.

Mọ́dù tí mo rà ti ní rẹ̀sísítọ̀ lórí tẹ́lẹ̀, ṣé kí n tún fi tèmi kún un?

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ ná. Rẹ̀sísítọ̀ tó wà lórí mọ́dù kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ pa pọ̀ ni, bí ẹ ṣe ń fi mọ́dù kún un ni àpapọ̀ iye ẹ̀ ń kéré sí i. Ẹ wo ara rẹ̀sísítọ̀ kéékèèké tó wà nítòsí pínnì, 472 túmọ̀ sí 4.7k, 103 túmọ̀ sí 10k. Lórí bọ́ọ̀dù tèmi, aago ní 472, mẹ́ta tó kù ní 103, gbogbo ẹ̀ wá já sí nǹkan bíi 1.95k. Tẹ́ ẹ bá ń rántí, 1.77k ni ààlà mi ní kílòháàtì 400, mo ti kọjá ẹ̀ díẹ̀, ìdí tó fi jẹ́ pé nígbà tí wáyà mi ṣì kúrú lórí tábìlì gbogbo nǹkan ń lọ geere, bí mo ṣe fi wáyà gígùn sí i ni àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, tó máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn rò pé ètò tóun kọ ló ní àṣìṣe.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà o. Ẹni tó bá to mọ́dù márùn-ún tó ní 4.7k jọ ti dé 940, ìyẹn ti wọ abẹ́ 967. Nǹkan lè ṣì máa ṣiṣẹ́, torí sẹ́ńsọ̀ míì lágbára ju bí ìwé ẹ̀ ṣe sọ, àmọ́ kò sóhun tó dá yín lójú mọ́.

Èmi tú gbogbo èyí tó wà lórí mọ́dù kúrò, mo wá fi 1.5k méjì péré sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ńtírólà, ọ̀kan fún SDA, ọ̀kan fún SCL. Mo lè fi òmíràn kún un kí n tún ṣírò ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá yọ mọ́dù kan tàbí tí mo pààrọ̀ ẹ̀, iye náà tún máa yí padà láìjẹ́ pé mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ àpapọ̀ tó wà lórí tiyín, ẹ pa iná, ẹ fi mítà tó ń ka óòmù sáàárín SDA àti 3.3, kẹ́ ẹ fi wáyà mítà méjèèjì pààrọ̀ ara wọn kẹ́ ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, torí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ lè ti iye náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Rẹ̀sísítọ̀ afàsókè inú kọ́ńtírólà ńkọ́?

Kò tó. Ti ATmega328P wà láàárín 20k sí 50k. Tẹ́ ẹ bá fi 45k sórí píkòfáràdì 200 mi, nánòsẹ́kọ́ńdù tó lé ní 7600 ni okùn máa fi gòkè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní kílòháàtì 100 gbogbo àkókò bíìtì kan ò ju 10000 lọ. Okùn ò tíì dé òkè tí wọ́n á ti tún fà á wálẹ̀.

Mi ò ní sìkóòpù tó ń ya àwòrán bí fóltì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá rẹ̀sísítọ̀ mi tóbi jù tàbí kéré jù?

Ẹ dín ìyára kù. `Wire.setClock(100000)`, tàbí 50000 pàápàá. Bí àṣìṣe bá lọ pátápátá, okùn yín ni ò tètè gòkè, rẹ̀sísítọ̀ ti tóbi jù fún wáyà tẹ́ ẹ lò. Bí ẹ bá dín in kù tí nǹkan kan ò yí padà, ẹ wá ẹ̀ síbòmíràn: àdírẹ́sì, wáyà tó já, tàbí rẹ̀sísítọ̀ tó kéré jù. Mítà nìkan ò lè sọ èyí fún yín, torí bí okùn ṣe rí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ló ń kà, ìgbà yẹn sì rèé, 3.3 náà ló máa fi hàn yálà ẹ lo 1k tàbí 50k. Ẹni tó bá rí sìkóòpù yá máa rí i kíákíá: okùn tó lọ́ra máa ń tẹ̀ bíi lẹbẹ ẹja dípò kó nà ṣánṣán, okùn tí rẹ̀sísítọ̀ ẹ̀ kéré jù á gòkè dáadáa àmọ́ kò ní dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i tó dúró sórí 0.6 tàbí 0.8 nígbà tó yẹ kó wà lábẹ́ 0.4.

Sẹ́ńsọ̀ méjì ni mo so, ọ̀kan péré ni mò ń rí nígbà tí mo bá wá wọn. Ṣé èkejì ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí BME280 mi méjì gan-an nìyẹn. Àdírẹ́sì kan náà, 0x76, ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, tí kọ́ńtírólà bá pè é, àwọn méjèèjì á dáhùn pa pọ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì máa gbọ́.

Ibi tó ti wá léwu ni pé kò sí àṣìṣe kankan tó máa jáde. Ẹ rántí pé ẹni tó ń fà wálẹ̀ ló ń borí. Tí ọ̀kan bá fẹ́ fi 0x6E ránṣẹ́, tí èkejì fẹ́ fi 0x5B ránṣẹ́, ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní òdo, òdo ni okùn máa jẹ́:

```
0x6E  0110 1110
0x5B  0101 1011
      ---------
0x4A  0100 1010
```

0x4A lẹ máa kà, nọ́ńbà tí ẹnì kankan nínú wọn ò fi ránṣẹ́. Láíbúrárì máa ń yẹ irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ wò nínú rẹ́jísítà 0xD0, àwọn méjèèjì á sọ 0x60, àpapọ̀ ẹ̀ sì tún jẹ́ 0x60, ó yege. Àmọ́ BME280 kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àtúnṣe tirẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é, nọ́ńbà yìí ni láíbúrárì ń fi ṣírò ooru, tí ti àwọn méjèèjì bá ti lú pọ̀ báyìí, ooru tó máa jáde ò jọ ti èyíkéyìí nínú wọn. Tèmi ò ya wèrè o, ó kàn jìnnà díẹ̀ sí òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó fura.

Àtúnṣe ẹ̀ rọrùn: pínnì SDO ló ń yan àdírẹ́sì, ẹ so ti ọ̀kan mọ́ GND kó jẹ́ 0x76, ẹ so ti èkejì mọ́ 3.3 kó di 0x77. Ẹ má fi í sílẹ̀ láìso mọ́ nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ń fura sí irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ so sẹ́ńsọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ àdírẹ́sì ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó so wọ́n pọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ tèmi kì í ṣe irú kan náà, ṣé wọ́n ṣì lè kọlu ara wọn?

Dáadáa. 0x68 ni DS3231, 0x68 náà ni MPU6050 tí AD0 ẹ̀ bá wà lórí GND. Lórí bọ́ọ̀dù mi, nígbàkigbà tí mo bá ń ṣètò aago, àkókò tí mo ń kọ ń wọ inú rẹ́jísítà MPU6050 náà. DS3231 ò ní pínnì tó ń yí àdírẹ́sì padà, torí náà MPU6050 ló máa yẹra: AD0 lọ sórí 3.3, ó di 0x69, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ rántí sọ fún láíbúrárì náà o, torí 0x68 ló máa ń wá tẹ́ ẹ ò bá sọ nǹkan kan.

Ohun míì tí wọ́n kì í wò: ọ̀pọ̀ mọ́dù DS3231 ló gbé AT24C32, ibi ìpamọ́ kékeré kan, sára, àdírẹ́sì 0x57 ló sì máa ń wà. Ẹ lè má lò ó láéláé, àmọ́ ó wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá so MAX30102 tó ń ka lílù ọkàn, 0x57 ni òun náà.

Bí àwọn méjèèjì ò bá ní pínnì tó ń yan àdírẹ́sì, TCA9548A lẹ máa lò, ó ń pín okùn kan sí mẹ́jọ, ẹ máa ṣí ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra ẹ̀ ń gba àdírẹ́sì láàárín 0x70 sí 0x77, ẹ má gbé e lé orí 0x76 tàbí 0x77 tí BME280 wà.

Ìwé sẹ́ńsọ̀ sọ pé 0xEC, èmi ń rí 0x76. Èwo ni òótọ́?

Ọ̀kan náà ni. Bíìtì 7 ni àdírẹ́sì, bíìtì kẹjọ ń sọ bóyá kíkà ni tàbí kíkọ. Àwọn ìwé kan máa ń ka ìkẹjọ mọ́ ọn. Ẹ pín in sí méjì, 0xEC á di 0x76.

Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́, ó wá há lójijì. Mo tẹ rìsẹ́ẹ̀tì, kò ṣiṣẹ́, mo pa iná tún un tàn, kò ṣì ṣiṣẹ́. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ fi mítà ka SDA nígbà tí nǹkan kan ò lọ lórí okùn. Ó yẹ kó súnmọ́ 3.3. Bó bá wà nísàlẹ̀ tí SCL sì wà lókè, sẹ́ńsọ̀ kan ló di SDA mú.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé: kọ́ńtírólà ń ka báìtì kan, sẹ́ńsọ̀ ti gbé bíìtì òdo sórí okùn, ó ń retí kílọ́ọ̀kì tó kàn kó tó lè fi òmíràn síbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kọ́ńtírólà tún bẹ̀rẹ̀, bóyá aago ìṣọ́ inú ẹ̀ ló tún un bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ó ṣì ń dúró, ó ṣì di òdo ẹ̀ mú. Kọ́ńtírólà jí, ó rí SDA nísàlẹ̀, ó rò pé ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀, òun náà dúró. Ẹ lè tẹ rìsẹ́ẹ̀tì títí, kọ́ńtírólà nìkan lẹ̀ ń tún bẹ̀rẹ̀.

Pípa iná máa ń tán an nígbà púpọ̀, àmọ́ tèmi ò gbọ́, mo pa iná pátápátá mo tún tàn án, SDA ṣì wà nísàlẹ̀. Kí n tó yọ nǹkan kan, mo fẹ́ mọ ẹni tó dì í mú, torí bí ẹ bá ti ń yọ mọ́dù ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ lè tú u sílẹ̀ láìmọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tí mò ń tò ó, mo ti fi óòmù 100 sórí SDA mọ́dù kọ̀ọ̀kan, ó sì ràn mí lọ́wọ́ gan-an: mo fi mítà ka fóltì tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì óòmù 100 kọ̀ọ̀kan. Mílíáńpíà bíi 2 ló ń gba 1.5k kọjá, ọ̀dọ̀ ẹni tó di okùn mú ló sì ń lọ. Mẹ́ta nínú wọn ń fi òdo hàn. Ti aago fi nǹkan bíi mílífóltì 200 hàn.

DS3231 ni, ó sì ní bátìrì. Pínnì I2C ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí iná bá wà tàbí tí bátìrì bá wà, torí náà iná tí mo ń pa ò kàn án.

Báwo ni mo ṣe máa tú u?

Ẹ fún un ní kílọ́ọ̀kì tó ń retí. Ẹ gbọn SCL, kẹ́ ẹ máa wo SDA lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ti tó, torí bíìtì 8 ló ṣẹ́ kù jù tó lè fi ránṣẹ́, ìkẹsàn-án ni ibi tó yẹ kí kọ́ńtírólà sọ pé òun gbọ́, tí kò bá sì gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á jọ̀wọ́ okùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì ìparí sí i.

```cpp
void fa(int p) { digitalWrite(p, LOW); pinMode(p, OUTPUT); delayMicroseconds(5); }
void ju(int p) { pinMode(p, INPUT); delayMicroseconds(5); }

bool tuOkun(int sda, int scl) {
  ju(sda); ju(scl);
  if (digitalRead(scl) == LOW) return false;
  for (int i = 0; i < 9 && digitalRead(sda) == LOW; i++) {
    fa(scl); ju(scl);
  }
  fa(sda); ju(sda);
  return digitalRead(sda) == HIGH;
}
```

Ẹ rí i pé `ju` ò kọ HIGH sórí pínnì, ó kàn jọ̀wọ́ ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá kọ HIGH nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ń fà wálẹ̀, ìjà tí mo sọ lókè yẹn lẹ dá sílẹ̀. Ẹ pè é ṣáájú `Wire.begin()` ní gbogbo ìgbà tí kọ́ńtírólà bá jí, kì í ṣe ìgbà tó bá há nìkan, àkókò tó ń gbà ò tó nǹkan. Ìwé DS3231 fúnra ẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa gbọn SCL títí SDA á fi gòkè lẹ́yìn tí kọ́ńtírólà bá tún bẹ̀rẹ̀. Lórí ATmega328P, ẹ tún fi `Wire.setWireTimeout(25000, true)` sí i lẹ́yìn `Wire.begin()`, torí láìsí i, ètò yín á kàn dúró sójú kan títí láé tí okùn bá há.

SCL ló wà nísàlẹ̀ ní tèmi, kì í ṣe SDA.

Ìyẹn le ju ti SDA lọ, torí kílọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ fi tú u gan-an ni wọ́n dì mú, ìdí nìyẹn tí ètò òkè yẹn fi ń padà pẹ̀lú `false`. Ẹ kọ́kọ́ dúró díẹ̀, torí àwọn sẹ́ńsọ̀ kan lẹ́tọ̀ọ́ láti di SCL mú títí wọ́n á fi ṣetán. Tí kò bá jọ̀wọ́ ẹ̀, tí sẹ́ńsọ̀ náà bá ní pínnì rìsẹ́ẹ̀tì, ẹ lò ó, bí kò bá ní, iná ẹ̀ lẹ máa gé.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e. Tẹ́ ẹ bá gé iná sẹ́ńsọ̀ tí rẹ̀sísítọ̀ afàsókè ṣì wà lórí 3.3, iná á gba SDA tàbí èyíkéyìí tó ṣì wà lókè wọ inú sẹ́ńsọ̀ láti ẹ̀yìn, ó lè má kú tán, ẹ máa tún un tàn, ẹ máa bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ẹ jẹ́ kí rẹ̀sísítọ̀ náà wà lórí iná kan náà tí ẹ ń gé, kẹ́ ẹ sì fa pínnì kọ́ńtírólà méjèèjì wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e. Mo máa ń ka fóltì orí pínnì iná sẹ́ńsọ̀ lẹ́yìn tí mo bá gé e: tó bá ṣì ń fi 1 tàbí 2 hàn, kò tíì kú.